11.5% ni àbí 3.34%? Bí a ṣe ń ṣírò ìdáhùn lórí Instagram

Ká ní ẹnìkan ń ta gàrí Ìjẹ̀bú lórí Instagram láti Ìjẹ̀bú-Òde, tí olùtẹ̀lé rẹ̀ jẹ́ 2,000. Fídíò méjì ló gbé síta lóṣù yìí. Èkíní dé ọ̀dọ̀ ènìyàn 200, ó sì gba ìdáhùn 40, ìyẹn láíkì, kọ́mẹ́ǹtì, ṣíà àti ìfipamọ́ lápapọ̀. Èkejì ràn bí iná inú ọyẹ́: ó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn 9,800, ó sì gba ìdáhùn 294.

Bí a bá fi Reach, ìyẹn iye ènìyàn tí fídíò kọ̀ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ wọn, pín ìdáhùn rẹ̀, èkíní gba 20%, èkejì 3%. Ọ̀pọ̀ á ro méjèèjì pọ̀, wọ́n á pín in sí méjì, wọ́n á ní 11.5% ni ti oṣù náà. Àṣìṣe ni. Fídíò tí ènìyàn 200 péré rí ti di ẹgbẹ́ èyí tí 9,800 rí. Àròpọ̀ ìdáhùn la ń fi àròpọ̀ Reach pín:

```
(40 + 294) / (200 + 9800) × 100 = 3.34%
```

Ṣùgbọ́n 10,000 yẹn kì í ṣe iye ènìyàn o. Oníbàárà kan ní Ṣàgámù lè rí fídíò méjèèjì, a ó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Reach gbogbo ojú ìwé náà fún oṣù ló ń ka ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ó lè kéré sí àròpọ̀ yìí. Ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Bí a bá fi olùtẹ̀lé 2,000 pín 334, 16.7% ló máa jáde. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ àwọn tí kì í ṣe olùtẹ̀lé wà nínú àwọn tó dáhùn, wọn ò sì sí nínú iye tí a fi pín in.

Ní ti ohun tí a ó tọ́jú, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún kọ́ ni. Fún fídíò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́ tó jáde, Reach rẹ̀, àti oríṣi ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fi iye olùtẹ̀lé ní òpin oṣù kún un. Nígbà tí Instagram fi Views rọ́pò Impressions, tó ń ka iye ìgbà tí nǹkan hàn sí ènìyàn, ẹni tó tọ́jú 3.34% nìkan, tí kò kọ ohun tó fi pín in, kò ní ohun tó lè tún ṣírò.

Ọjọ́ keje lẹ́yìn tí fídíò jáde ni kí ẹ máa mú iye rẹ̀, kí ti ọjọ́ kìíní oṣù má baà rí àyè kó láíkì jọ ju ti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n lọ. Oṣù tó jáde ni ẹ ó kọ ọ́ sí.

Ojúde Ọba ló máa ń da ìfiwéra rú jù ní Ìjẹ̀bú. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, òṣùpá ló sì ń darí Iléyá: 30 oṣù kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí ní 2023, 18 ní 2024, 8 ní 2025. Ní 2023, fídíò tí ẹnìkan gbé síta ní ọjọ́ tó tẹ̀lé ayẹyẹ ti bọ́ sí oṣù keje. Ẹni tó bá wá fi oṣù keje 2024 wé ti 2023 á rò pé ọjà òun ti kú. Ẹ fi òpó kan kún ìwé náà fún ọjọ́ Ojúde Ọba, kí ẹ sì máa ṣírò oṣù tó bá bọ́ sí lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú àwọn fídíò ayẹyẹ náà àti láìsí wọn.