Bí ẹ̀jẹ̀ kánjúkánjú ṣe ń wọ àárín iṣẹ́ láàbù

Ní láàbù ilé ìwòsàn, iṣẹ́ mẹ́rin márùn-ún ló sábà máa ń wà lórí iná lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ kan ń dì nínú túùbù, òmíràn ń yí nínú ẹ̀rọ, síláìdì ibà wà nínú aró, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sì ń fa omi ẹ̀jẹ̀ láti inú túùbù kan sí òmíràn. Àsìkò yẹn gan-an ni fóònù wọ́ọ̀dù ìrọbí máa ń dún, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ kánjúkánjú ń bọ̀, èyí tí èsì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pẹ́.

Ohun tó ń kọ́kọ́ ṣe èèyàn ni pé kó ju ohun tó wà lọ́wọ́ sílẹ̀, kó dojú kọ èyí tó dé. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé, torí pé kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ṣeé fi sílẹ̀ níbi tó bá dé. Iṣẹ́ kan wà tó máa ń dúró deni, òmíràn wà tí kì í dúró. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì yóò rí àyè fún ẹ̀jẹ̀ kánjúkánjú láì ba ti ẹlòmíràn jẹ́.

Ká kọ́kọ́ mú àwọn tí kì í dúró. Àyẹ̀wò ọ̀pá gígùn, tí wọ́n fi ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, wákàtí kan géérégé ni wọ́n fi ń dúró dè é. Bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ ní aago mẹ́rin, aago márùn-ún ni wọ́n gbọ́dọ̀ kà á. Ẹni tó bá débẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà kò rí nǹkan kan tó lè kọ sílẹ̀, àfi kó tún un gbé kalẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Wídààlì orí síláìdì, àyẹ̀wò taifọ́ìdì, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n fi ń mì ín kí wọ́n tó wò ó. Bí fóònù bá dún, tí èèyàn sì yíjú kúrò fún ìṣẹ́jú márùn-ún, omi orí síláìdì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, á wá dà bíi pé ó ń ṣù jọ. Wọ́n á kọ ọ́ pé aláìsàn ní taifọ́ìdì, ooru Àbújá ló sì ni gbogbo ohun tí wọ́n rí níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ti gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ kánjúkánjú ń bọ̀ kì í dáwọ́ lé Wídààlì. Èyí tí wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ kò lè bàjẹ́.

Síláìdì ibà kò le tó bẹ́ẹ̀. Nínú aró Gímúsà tí wọ́n pò ní ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí márùndínláàádọ́ta ló ń lò. Àlàfo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Àwọn láàbù tó ń lo ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kí iṣẹ́ lè yá, tí wọ́n ń yọ ọ́ kúrò ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ti ta àlàfo wọn nìyẹn. Bí iṣẹ́ pàjáwìrì bá dé bá wọn, síláìdì á ti dúdú kọjá kíkà kí wọ́n tó rántí rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ inú túùbù ọlọ́mọrí pupa ni èèyàn máa ń rò pé ó lè dúró dìgbà tó bá wù ú. Irọ́ ni. Ó kọ́kọ́ nílò nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti dì, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ á yí i fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, omi rẹ̀ á sì yà sókè. Kí ó tó yà, ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣì wà láàyè, ó ń jẹ ṣúgà tó wà nínú ara rẹ̀, nǹkan bí ìdá márùn-ún sí méje nínú ọgọ́rùn-ún ní wákàtí kan. Bí ooru bá mú, ó ń jẹ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá sì pẹ́ jù, pòtásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ pupa á máa jò sínú omi. Àmọ́ tí wọ́n bá ti yí i tán, tí wọ́n sì ti fa omi rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀jẹ̀, ó lè dúró pẹ́ dáadáa nínú fíríìjì. Ibi tó dára jù láti fi í sílẹ̀ ni lẹ́yìn tí omi bá ti kúrò lórí ẹ̀jẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, aago ń lù.

Ibi tó burú jù láti dúró ni àárín fífa omi láti túùbù sí túùbù yìí gan-an, nígbà tí omi ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ti wà nínú túùbù kejì tí wọn ò tíì kọ orúkọ sí i lára. Omi ẹ̀jẹ̀ èèyàn mẹ́wàá jọra wọn bí omi òjò. Ẹni tó bá gba fóònù lórí èyí, tó lọ, tó sì padà wá, ojú rẹ̀ á máa sọ fún un pé túùbù kẹrin ló kàn, bẹ́ẹ̀ ó ti ṣe é tán. Òfin àwọn tó mọṣẹ́ kò ju kékeré lọ: orúkọ ló ń ṣáájú omi. Wọ́n á kọ orúkọ sára túùbù òfìfo kí wọ́n tó fa ohunkóhun sínú rẹ̀, bí ariwo bá sì dé, wọ́n á parí ẹ̀yọ tó wà lọ́wọ́, wọ́n á dé e, kí wọ́n tó gbójú sókè. Ìyẹn kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kò sí aláìsàn tí ìṣẹ́jú kan yẹn máa pa.

Ó ku ọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń jẹ́ kánjúkánjú. Ní Àbújá, gbogbo fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, àgàgà èyí tí dírẹ́bà ènìyàn ńlá kan bá gbé wá, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tí kò fẹ́ jókòó. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀: kí ni dókítà máa fi èsì yìí ṣe láàárín wákàtí kan? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ó fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára, tàbí ó fẹ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, tàbí aláìsàn kò mọ ibi tó wà mọ́, ó kánjú. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀gá fẹ́ rí i kí ó tó wọ bàálù lọ́la, ó lè wà lórí ìlà.

Ká wá wo ìrọ̀lẹ́ kan ní láàbù ilé ìwòsàn kan lápá Kubwa. Èèyàn méjì ló wà níbẹ̀, obìnrin kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ àti ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀pá gígùn mẹ́rin wà nílẹ̀ láti aago 3:40, nítorí náà aago 4:40 ni wọ́n gbọ́dọ̀ kà á. Síláìdì ibà mẹ́jọ wọ aró ní 3:55, ó sì lè jáde nígbàkigbà láti 4:25 sí 4:40. Túùbù mẹ́wàá ti jáde nínú ẹ̀rọ, obìnrin yìí sì ti ń fa omi ẹkẹrin nígbà tí fóònù dún ní 4:12.

"Àǹtí, wọ́ọ̀dù ìrọbí ni o. Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Wọ́n ní àpò ẹ̀jẹ̀ méjì."

"Jẹ́ kí n dé èyí ná. Bá mi kọ ọ́ sórí ìwé: mẹ́rin tán, ó ku mẹ́fà, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Kí o sì sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ nọ́ńbà fáìlì sára túùbù."

Agbọ̀n túùbù náà kúrò lórí tábìlì, ó lọ sápá òsì, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ní kàn án. Ẹ̀jẹ̀ dé ní 4:18, orúkọ wà lára rẹ̀, nọ́ńbà kò sí. Màláàmù tó gbé e wá ní kí wọ́n fún òun ní bírò kí òun kọ ọ́ síbẹ̀. Wọn ò gbà. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi yan àpò ẹ̀jẹ̀ fún aláìsàn, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń kọ orúkọ sí i, lójú aláìsàn, torí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yà tí kò báramu tó ń pa èèyàn, orúkọ tí wọ́n ṣì kọ ló sábà máa ń fà á ju àyẹ̀wò tí wọ́n ṣì ṣe lọ. Wọ́n fa òmíràn. Ó dé ní 4:24.

Láti ibẹ̀, iṣẹ́ wọ ara wọn. Ọmọkùnrin náà fi òpó tẹ́ẹ́rẹ́ pí-sí-fí, tí wọ́n fi ń wo ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa, sínú ẹ̀rọ kékeré tirẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò fi yí. Obìnrin yìí wo ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀, ó mú àpò méjì tó bá a mu, ó pò díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀ mọ́ omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn nínú túùbù, ó sì gbé túùbù náà sínú omi gbígbóná ìwọ̀n mẹ́tàdínlógójì ní 4:37. Níbẹ̀ ni yóò wà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò sì sí ohun tí ọwọ́ lè fi kún un. Àlàfo yẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ là. Síláìdì jáde nínú aró ní 4:38, wọ́n ka ọ̀pá gígùn ní 4:40 géérégé, obìnrin náà sì padà sídìí agbọ̀n, ó ka ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìkarùn-ún.

Ó tún pe wọ́ọ̀dù, ó sọ ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ àti pí-sí-fí fún wọn, ó sì ní ìyókù ku bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ìpè yẹn ṣe pàtàkì, torí bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà ju bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà lè bu ọwọ́ lùwé pé kí wọ́n fún òun ní àpò ẹ̀yà kan náà kí àyẹ̀wò tó parí. Dókítà nìkan ló lè pinnu ìyẹn, kò sì lè pinnu rẹ̀ bí láàbù bá dákẹ́.

Ní 5:07 ló wá kan apá tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́dọ̀ pe obìnrin náà. Wọ́n á fi omi iyọ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ inú túùbù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á sì da omi Kúúmùsì, tó ń fi hàn bí ẹ̀jẹ̀ méjèèjì kò bá bára mu, sí i lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán tí wọ́n dúró láti dáhùn ìbéèrè, ohun tí wọ́n ń wá, tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í já kúrò, àyẹ̀wò á sì sọ pé àpò tó léwu dára. Nítorí náà, ọmọkùnrin náà dúró tì fóònù, ẹ̀jẹ̀ kánjúkánjú mìíràn ì bá dé, orí ìwé ni yóò kọ ọ́ sí.

Bí èèyàn bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n pa agbọ̀n kan tì nírú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀, inú èsì ni kó wò. Ẹnì kan tí pòtásíọ̀mù rẹ̀ ga tí ṣúgà rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ lè jẹ́ aláìsàn lóòótọ́. Èèyàn mẹ́fà tó tẹ̀lé ara wọn nínú agbọ̀n kan náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ̀jẹ̀ wọn pẹ́ kí wọ́n tó ya omi rẹ̀ ni, àfi kí wọ́n tún un fà. Àtúnyí kò sì lè tún un ṣe. Túùbù tó ní ọ̀rá tó ń ya omi kúrò lára ẹ̀jẹ̀ nínú, bí wọ́n bá tún un yí, pòtásíọ̀mù á tún ga sí i ni. Tó bá jẹ́ pé èsì ẹni méjì tó sún mọ́ ara wọn ló dà bíi pé ó pààrọ̀, bíi kí ọmọdé tí kò ṣe nǹkan kan ní èsì ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́, inú túùbù kejì ló ti ṣẹlẹ̀. Èyí ṣì ṣeé yanjú, tí túùbù àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ orúkọ sí lórí bẹ́ẹ̀dì bá ṣì wà nínú fíríìjì.