Iyọ̀ tó ní pọtasíọ̀mù: ta ló lè jẹ ẹ́, ta ló yẹ kó jìnnà sí i?

"Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ká pààrọ̀ iyọ̀ wa sí èyí tó ní pọtasíọ̀mù torí ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà tó ń tọ́jú kíndìnrín màmá mi ní wọn ò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀?"

Àwọn méjèèjì. Oṣù kìíní ọdún 2025 ni àjọ yẹn gbé ìmọ̀ràn ẹ̀ jáde fún àwọn àgbàlagbà lápapọ̀, àmọ́ inú ìwé kan náà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé kò kan àwọn ọmọdé, kò kan aláboyún, kò sì kan ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa tàbí tí ohun mìíràn ń dí pọtasíọ̀mù lọ́wọ́ láti jáde lára ẹ̀. Apá àkọ́kọ́ ni gbogbo èèyàn ń pín kiri, apá kejì yẹn gan-an sì ni màmá yín wà.

"Kí ni pọtasíọ̀mù fẹ́ ṣe fún bíípíì?"

Ó ń jẹ́ kí kíndìnrín ju iyọ̀ dà sínú ìtọ̀. Tí pọtasíọ̀mù tí à ń jẹ bá kéré, kíndìnrín á máa ṣọ́ ìwọ̀nba tó wà lára, ibi tó ti ń ṣọ́ ọ ló ti ń di sódíọ̀mù inú iyọ̀ mú pẹ̀lú, omi á tẹ̀ lé sódíọ̀mù, ìfúnpá á wá gòkè. Tó bá tó, sódíọ̀mù á máa bá ìtọ̀ lọ, ara iṣan ẹ̀jẹ̀ náà á sì dẹ̀. Ohun tí àjọ yẹn ní kí àgbàlagbà máa rí nínú oúnjẹ lójúmọ́ kò gbọ́dọ̀ dín ní mílígíráàmù 3,510, ẹ̀wà, ọ̀dùnkún, ẹ̀fọ́, tòmátò, ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ló sì pọ̀ sí jù.

Ẹ̀rí iyọ̀ náà lágbára. Ní Ṣáínà, wọ́n fún àwọn èèyàn ní abúlé 600 ní iyọ̀ tí ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀ jẹ́ pọtasíọ̀mù kíloráìdì (KCl) tàbí kí wọ́n máa jẹ iyọ̀ wọn lọ, àwọn bí 21,000 ló wà nínú ẹ̀, nígbà tí èsì jáde ní 2021, rọpárọsẹ̀ ti fi ìdá 14 nínú 100 dín kù láàárín àwọn tó jẹ iyọ̀ tuntun. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n mọ̀ pé àìsàn kíndìnrín tó le ń ṣe kò sí níbẹ̀ o, wọ́n ti yọ wọ́n kúrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá léwu ni?"

Fún ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ dá ṣáṣá, rárá, gbogbo àjẹjù ẹ̀ ló máa tọ̀ dànù.

"Kí ló dé tó fi ń di ewu fún oníkíndìnrín? Oúnjẹ ṣá ni."

Torí pé bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá pọtasíọ̀mù tó ń kúrò lára, ọ̀dọ̀ kíndìnrín ló ń gbà. Inú ẹ̀jẹ̀, mílímóòlù 3.5 sí 5.0 nínú lítà kan ló yẹ kó wà, ààyè tó há gan-an nìyẹn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín pọtasíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ àti tinú ẹran ara ọkàn ni ọkàn fi ń lù, tó bá ti kọjá 5.5 dókítà á ti máa wo ọ́ tìfuratìfura, tó bá lé ní 6.5 ọkàn lè ṣàdédé dúró.

Àwọn oògùn kan sì wà tó ń dí pọtasíọ̀mù lọ́wọ́ láti jáde. Họ́mónù kan wà tó ń pàṣẹ fún kíndìnrín pé kó ju pọtasíọ̀mù síta, aldosítẹ́rónì lorúkọ ẹ̀. Àwọn oògùn bíípíì tí orúkọ wọn parí sí "pril" tàbí "sartan" lára páálí máa ń dín họ́mónù yìí kù, sipironolákítónì sì ń dí i lọ́nà tààrà. Oògùn dáadáa ni wọ́n o, àwọn "pril" àti "sartan" yìí gan-an ni wọ́n fi ń dáàbò bo kíndìnrín alátọ̀gbẹ, kí ẹnikẹ́ni má torí ohun tí mo kọ yìí dá tiẹ̀ dúró.

Ká wá ní bàbá ẹni ọdún 68 kan wà, alátọ̀gbẹ, kíndìnrín wọn ń ṣiṣẹ́ ní 35 (ibi tí wọ́n kọ eGFR sí lórí èsì lábù ni nọ́ńbà yẹn máa ń wà, tẹni tára ẹ̀ le sábà máa ń lé ní 90). Wọ́n ń lo lisinopríìlì àti sipironolákítónì, pọtasíọ̀mù wọn jẹ́ 4.9, ó ṣì wà láàyè ẹ̀, àmọ́ etí bèbè ló wà. Ọmọ wọn gbọ́ ìròyìn, ó ra iyọ̀ "aláìlẹ́jẹ̀ríru" fún wọn. Gíráàmù KCl kan, bí mílígíráàmù 520 pọtasíọ̀mù ló wà nínú ẹ̀. Tí iyọ̀ náà bá dà bí ti Ṣáínà yẹn, gíráàmù márùn-ún lójúmọ́, ìyẹn ṣíbí ìpo-tíì kan, máa fi bí 650 kún un, ó tó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan àtààbọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn iyọ̀ kan wà tó jẹ́ KCl látòkèdélẹ̀, ṣíbí kan náà máa wá di 2,600, bí ẹni jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́fà lé oúnjẹ lójoojúmọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n ra dikilofẹ́nàkì, èyí tó ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dé kíndìnrín kù. Ìtọ̀ tún ń ta wọ́n, wọ́n fún wọn ní kotirimọsasóòlù, oògùn yìí náà sì ń dí ọ̀nà tí pọtasíọ̀mù ń gbà jáde. Ohun tí bàbá ń sọ ò ju pé ẹsẹ̀ àwọn wúwo, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, 6.4. Kò sí ìkankan nínú nǹkan yìí tó dá a ṣe, ńṣe ni wọ́n kóra jọ.

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ tó bá ti pọ̀ jù lára mi?"

O lè má mọ̀, ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló dájú, ó sì yẹ kí wọ́n ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ "pril", "sartan" tàbí sipironolákítónì fún ẹ tàbí tí wọ́n fi kún un. Tí ẹsẹ̀ tàbí apá bá ń rọ, tí àyà ń já tàbí ó ń lù gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, tí òòyì ń kọ́ ẹ, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn ṣe ń lù. Nígbà míì èsì lè ga lásán torí pé ẹ̀jẹ̀ náà fọ́ nígbà tí wọ́n ń fà á, àtúnyẹ̀wò ló ń tú u fó, àmọ́ kí oníkíndìnrín má fi ìyẹn tu ara ẹ̀ nínú kó lọ sùn.

"Amulodipíìnì nìkan ni mò ń lò, ṣé mo lè jẹ iyọ̀ náà?"

Amulodipíìnì kì í di pọtasíọ̀mù mú, ṣùgbọ́n jẹ́ kí wọ́n yẹ kíndìnrín ẹ wò ná, torí ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra ẹ̀ máa ń bà á jẹ́ láìdún láìfọ̀.

"Ṣé màmá mi ò wá ní jẹ ẹ̀fọ́ àti èso mọ́?"

Èsì ẹ̀jẹ̀ wọn ló máa sọ. Tí pọtasíọ̀mù wọn bá wà láàyè ẹ̀, kò sídìí tá a fi máa fi gbogbo ẹ̀ dù wọ́n. Tó bá ga, ẹ bó ọ̀dùnkún, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ sè é nínú omi tó pọ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ da omi yẹn nù, èyí lè yọ tó bí ìdajì pọtasíọ̀mù inú ẹ̀. Ẹ má fi omi náà se ọbẹ̀ o, inú ẹ̀ ni pọtasíọ̀mù náà sá sí. Díndín àti yíyan ò yọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì máa ka ara ike iyọ̀ àti ti ẹran alágolo, tẹ́ ẹ bá rí KCl tàbí "potassium chloride" níbẹ̀, ẹ dá a padà. Kẹ́ ẹ kàn dín iyọ̀ lásán kù ló bá wọn mu, ata, àlùbọ́sà àti ọsàn wẹ́wẹ́ lè fún oúnjẹ wọn ládùn. Nígbà tẹ́ ẹ bá tún ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ kó gbogbo oògùn wọn dání, títí kan èyí tí wọ́n fi ń pa ìrora, kẹ́ ẹ mú ike iyọ̀ náà mọ́ ọn.