Igi Tí Kò Gbọdọ̀ Tẹ̀: Bí Ohun Tí Kì Í Ṣe Ènìyàn Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí Í Sọ Ìtàn Ara Rẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 700 ṣáájú ìbí Kristi, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mantiklos gbé ère idẹ kékeré kan lọ ta òrìṣà Àpólò lọ́rẹ ní ilẹ̀ Gíríìsì. Ère náà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Wọ́n fín ọ̀rọ̀ sí i ní itan pé Mantiklos ló fi mí tọrẹ, kí ìwọ òrìṣà náà fún un ní ohun tó dára padà. Wọn kò kọ “ère yìí” síbẹ̀. “Mí” ni wọ́n kọ.

Ìkòkò, ère àti òkúta ibojì tó ń sọ̀rọ̀ báyìí pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Gíríìsì àtijọ́. Láyé ìgbà náà, kíkà sókè ni wọ́n sábà máa ń kàwé. Ẹni tó bá dúró ka ohun tí wọ́n fín sára ère, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi pe “mí” náà. Ère kò lóhùn, òǹkàwé ló yá a ní tirẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni iṣẹ́ fífi ohùn sẹ́nu ohun tí kì í ṣe ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ronú pé ìtàn ni òun ń sọ.

Ní 1972, àwọn awalẹ̀pìtàn hú ère òkúta ọmọge kan jáde ní Merenda, lágbègbè Áténì. Ère náà ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ ọdún. Ohun tí wọ́n fín sára ìdúró rẹ̀ ni pé: “Àmì ibojì Phrasikleia. Ọmọge ni wọn yóò máa pè mí títí láé. Orúkọ tí àwọn òrìṣà fún mi nìyẹn dípò ìgbéyàwó.” Òkúta ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kó tó parí, ọmọ tó kú ló ń sọ ọ́. Àwọn méjèèjì jọ wà nínú “mí” kan ṣoṣo, nítorí pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì kò lè ṣe: òkúta kì í dàgbà, ọmọ náà kò sì ní dàgbà mọ́. Kò sí ẹkún níbẹ̀, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó káàánú òun.

Àwọn ará Gíríìsì kan náà ló fún odò lóhùn. Nínú ìwé kọkànlélógún Ílíádì, ewì ogun tí wọ́n ní Homer ló ni, jagunjagun Akílésì ń pa ọmọ ogun sínú odò Sikamándà títí inú fi bí odò náà. Ó lè sọ pé ikú wọn dùn òun, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè sọ ìyẹn. Ohun tó sọ ni pé òkú ti kún inú òun, òun kò rọ́nà da omi òun sínú òkun mọ́. Ẹ̀dùn odò gan-an nìyẹn. Dídé òkun ni gbogbo ayé odò, òun sì ni wọ́n dí mọ́ ọn lọ́nà.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ fi àlọ́ apamọ̀ kọ́ iṣẹ́ náà. Ìwé àfọwọ́kọ kan tí wọ́n kọ ní ọ̀rúndún kẹwàá, tó wà ní kàtídírà Exeter ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àlọ́ tó lé ní 90 nínú, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ohun kan tó ń ròyìn ara rẹ̀ láìdárúkọ. Ọ̀kan ní òun jẹ́ aládàáwà tí irin ti ṣá lọ́gbẹ́, ogun ti sú òun, òun kò sì rí oníṣègùn kankan láàárín ìlú tó lè fi ewé wo ọgbẹ́ òun sàn. Asà onípákó ni ìdáhùn rẹ̀. Àlọ́ kò gba irọ́: gbogbo gbólóhùn gbọ́dọ̀ bá asà mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sẹ́ni tí yóò lè já a. Nítorí náà, ìbànújẹ́ inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí akéwì lẹ̀ mọ́ ọn. Ọgbẹ́ ara pákó kì í jinná lóòótọ́.

Ibi tí asà yẹn dé ni igi ti gba ọ̀rọ̀ lọ. Ewì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan, ẹsẹ 156, wà nínú ìwé àfọwọ́kọ kan ní ìlú Vercelli ní Ítálì. Àlá Àgbélébùú ni à bá máa pè é. Ẹnì kan rí àgbélébùú lójú àlá, wúrà bò ó, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún rẹ̀. Igi náà bẹ̀rẹ̀ ìtàn: ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n òun ṣì rántí ọjọ́ tí wọ́n gé òun létí igbó. Àwọn ọ̀tá gbé e lọ sórí òkè, wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Ó wá rí Olúwa tó ń yára bọ̀ wá gun òun.

Ẹ rántí pé láàárín àwọn tí wọ́n ń ké ewì yìí fún, ìtìjú ńlá ni kí jagunjagun wà láàyè kó má gbèjà olúwa rẹ̀. Akéwì sọ Jésù di ọ̀dọ́ jagunjagun, ó sì sọ igi di ìránṣẹ́ rẹ̀. Igi ní òun lè wó pa gbogbo ọ̀tá wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n Olúwa ti pàṣẹ pé òun kò gbọdọ̀ tẹ̀, òun kò gbọdọ̀ ṣẹ́. Bí ó bá ṣègbọràn, òun gan-an ni wọn yóò fi pa olúwa rẹ̀. Bí ó bá gbà á là, ó ti ṣàìgbọràn. Kí ló wá kù fún igi láti ṣe? Kó dúró. Ó gbọ̀n nígbà tí ọ̀dọ́ náà dì mọ́ ọn. Ìṣó tí wọ́n kàn gba ara olúwa rẹ̀ kọjá wọ ara tirẹ̀ náà, ó sì ní ojú ihò wọn ṣì wà. Wọ́n fi àwa méjèèjì ṣe yẹ̀yẹ́ pọ̀, ló wí.

Ìdajì kejì ewì náà kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kọjá ẹsẹ 80 ni igi náà ń wàásù: ó ń sọ nípa ìdájọ́ ìkẹyìn àti ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe kó tó lè rí ìgbàlà. Ohun tó sọ lè jẹ́ òtítọ́, àmọ́ bí ẹ bá yọ igi kúrò tí ẹ fi àlùfáà sípò rẹ̀, díẹ̀ ni ẹ óò ní láti yí padà. Ẹ dán irú rẹ̀ wò sí apá àkọ́kọ́, ìtàn yóò dàrú, nítorí ènìyàn lè sá, tàbí kó tilẹ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní 1760, òǹkọ̀wé Charles Johnstone fi owó wúrà kan ṣe ẹni tó ń sọ ìtàn nínú ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù. Owó ń bọ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó ń rí àṣírí ọlọ́lá àti olè. Ìwé náà pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín, ó sì tà gan-an. Ṣùgbọ́n kò sí ọwọ́ tí owó kúrò tí ó dùn ún, wúrà ṣì ni lọ́wọ́ ẹni tó kàn.

Díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ igi yẹn ti wà lára òkúta kí ìwé Vercelli tó wáyé rárá. Ní Ruthwell, ní ilẹ̀ Sikọ́tíláǹdì, àgbélébùú òkúta gíga kan wà tí wọ́n gbẹ́ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ. Wọ́n fi lẹ́tà àtijọ́ fín in sára rẹ̀ pé, “N kò gbọdọ̀ tẹ̀.” Ní àwọn ọdún 1640, àwọn onísìn tí kò fẹ́ ère bì í wó, wọ́n sì fọ́ ọ. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àlùfáà kan ṣa àfọ́kù rẹ̀ jọ, tó tún un tò. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ló dúró sí báyìí. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ara rẹ̀ ti parẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà ṣì lè bá a pe díẹ̀.