Ẹ Yéé Yọ Mọ́gẹ́jì Kúrò Nínú Owó Ilé

Bí 31 oṣù Kìíní, ọjọ́ tí ìwé owó-orí gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba, bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn onílé wa ní London á gbé rìsíìtì inú ọ̀rá wá bá mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa yọ mọ́gẹ́jì kúrò nínú owó tí ayálégbé san, kí ẹ tó ṣírò owó-orí wa." Ó ti sú mi.

Ẹ wo ọ̀kan nínú wọn. Fúláàtì rẹ̀ wà ní Peckham. Nínú ọdún owó-orí tó parí ní 5 oṣù Kẹrin 2025, iṣẹ́ oṣù rẹ̀ mú £45,000 wọlé, ayálégbé san £18,000. Ajẹ́ńtì gba £2,160, òrùlé tó ń jò àti bọ́ílà tó bàjẹ́ jẹ £1,840. A yọ méjèèjì, ó ku £14,000. Balùwẹ̀ tuntun tó kọ́ sí i ní £6,500 ńkọ́? Kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà kì í ṣe àtúnṣe. Kó tọ́jú rìsíìtì rẹ̀ di ọjọ́ tó bá ta ilé náà. Ṣùgbọ́n fèrèsé onígíláàsì kan tó ti jẹrà, tí ẹ fi onígíláàsì méjì rọ́pò, àtúnṣe ni wọ́n kà á sí.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Báǹkì tó yá a lówó ra ilé náà ń gba £1,000 mọ́gẹ́jì lóṣù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ yọ £12,000, kí èrè ku £2,000, kí owó-orí jẹ́ £400. £4,000 nínú owó yẹn, gbèsè fúnra rẹ̀ ló fi ń san, kò sí ẹni tó máa bá a yọ ọ́ láéláé. £8,000 tó kù ni èlé. Títí di 2017, èlé ṣeé yọ. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2015 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gé e díẹ̀díẹ̀, nígbà tó sì fi di oṣù Kẹrin 2020, kò ku nǹkan kan fún ẹni tó fi orúkọ ara rẹ̀ ní ilé gbígbé. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣírò owó-orí lórí £14,000 láìka èlé sí, lẹ́yìn náà kí ẹ wá dín ìdá 20 nínú 100 èlé náà kù nínú owó-orí ọ̀hún.

Iṣẹ́ rẹ̀ ti gba àyè púpọ̀, £5,270 péré ló kù tó lè san ìdá 20 lé lórí kó tó kan £50,270 tí ìdá 40 ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ £1,054. £8,730 tó ṣẹ́kù gba ìdá 40, £3,492. Àpapọ̀ £4,546. Ẹ yọ £1,600 ti èlé: £2,946 ló jẹ ìjọba. Ẹni tí gbogbo owó tó ń wọlé fún un, pẹ̀lú owó ilé láìyọ èlé, kò bá kọjá £50,270, kò ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rẹ́ yín fi ń sọ pé irọ́ ni mò ń pa.

"Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló bá mi ṣe é," ni ọ̀gbẹ́ni náà wí. Ọdún mẹ́rin lẹni yẹn fi bá a yọ gbogbo mọ́gẹ́jì, £60 lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́tà ìjọba dé, a ṣírò gbogbo rẹ̀ padà, owó-orí, èlé orí owó-orí tí kò san àti ìtanràn. A pe fóònù amòye náà, kò lọ. Mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn èèyàn ṣì ń tò dúró dè é.