Ohun tí ojú bá ti rí, kí apàlọ́ má tún un sọ

Bí wọ́n bá gbé ìwé eré kàtúùnù ọmọdé lé ayàwòrán lọ́wọ́, àṣìṣe kan wà tó máa ń kọ́kọ́ bí i nínú. Wọ́n á kọ ọ́ sínú àpèjúwe ìran pé Ìjàpá ń bu àsáró sínú fìlà. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, wọ́n á fi sẹ́nu apàlọ́ pé, “Ni Ìjàpá bá bẹ̀rẹ̀ sí í bu àsáró sínú fìlà.” Ọmọ tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ti rí i. Kí la tún ń rò fún un?

Ohun tó fa èyí ni pé ọ̀pọ̀ ń kọ àpèjúwe ìran bí ẹni ń kọ ìtàn sínú ìwé kíkà. Iṣẹ́ ni àpèjúwe ìran ń rán ènìyàn: ó ń sọ fún ayàwòrán ohun tí yóò wà lójú àwòrán, ohun tí yóò mira, ohun tí yóò dúró jẹ́ẹ́, àti bí yóò ṣe pẹ́ tó. Ohùn apàlọ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn méjèèjì dà bí ẹni méjì tó ń gún iyán nínú odó kan. Bí ọmọ odó kan bá ń lọ sílẹ̀, èkejì gbọ́dọ̀ wà lókè. Bí méjèèjì bá balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á kọlu ara wọn, iyán á sì ta sí wọn lójú. Kódà ẹnì kẹta ń bẹ níbẹ̀, ẹni tó ń fi ọwọ́ yí iyán padà láàárín ìró méjì. Ẹni yẹn ni ìdákẹ́jẹ́. Ẹni tí kò bá fi àyè sílẹ̀ fún un, ọwọ́ ọlọ́wọ́ ló fẹ́ gún mọ́ iyán.

Ẹ jẹ́ ká fi àlọ́ tí a mọ̀ dáadáa wò ó: Ìjàpá lọ kí àna rẹ̀, ó jí àsáró gbígbóná, ó bù ú sínú fìlà, ó dé e, orí rẹ̀ sì pá títí dòní. Báyìí ni ẹni tí kò tíì mọ iṣẹ́ ṣe máa ń kọ ìran ilé ìdáná:

“Ìjàpá, tí ebi ti ń pa láti àárọ̀, wọ ilé ìdáná. Ó mọ̀ pé olè jíjà kò dára. Ó ń rò ó pé bí àna òun bá rí òun, ojú á ti òun.”

Kí ayàwòrán mú gègé, kó ya “láti àárọ̀” wò. Kó ya “ó mọ̀ pé.” Nínú gbolohùn mẹ́ta wọ̀nyí, wíwọlé nìkan ló ṣeé yà. Ìran kan náà nìyí lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n:

“Ìran 4. Ilé ìdáná, ọ̀sán. Ìkòkò àsáró wà lórí ààrò, oru ń jáde lára rẹ̀. Kò sí ènìyàn. Orí Ìjàpá yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rí ìkòkò, ojú rẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.
Apàlọ́: Àna rẹ̀ ti ní kó dúró, oúnjẹ ń bọ̀.
Ìdákẹ́jẹ́, ìṣẹ́jú àáyá 2. Ọwọ́ Ìjàpá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó kan fìlà.”

Apàlọ́ kò dárúkọ olè, kò dárúkọ ìkòkò. Ohun tí ojú kò lè rí nìkan ló sọ: pé wọ́n ti ṣèlérí oúnjẹ fún un. Ọmọ ló máa da ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ mọ́ ọwọ́ tó ń lọ sí fìlà, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa pariwo pé, “Ó fẹ́ jí i!” Ìdí nìyẹn tí ìṣẹ́jú àáyá 2 yẹn fi wà níbẹ̀. Àyè tí a ti ń dáhùn “Àlọ̀!” lábẹ́ igi nílé baba wa náà ni.

Ẹ wo bí ìran yẹn kò ṣe sọ pé ojú Ìjàpá “kún fún ìbẹ̀rù.” Nínú irú kàtúùnù yìí, ohun tí ẹ̀dá ìtàn ní lójú kò pọ̀: ẹyin ojú méjì, ìpéǹpéjú, àti ìlà kan tó dúró fún ẹnu. Ìbẹ̀rù ní láti gba ibòmíràn yọ. Orí Ìjàpá sì rọrùn fún iṣẹ́ yìí ju ti ẹranko mìíràn lọ. Bí orí bá yọ gbọọrọ, ara tù ú. Bó bá wọ inú igbá dé ààbọ̀, ara fu ú. Bó bá wọlé pátápátá, tí fìlà nìkan kù lójú igbá, àyà ti já. Orí nìkan ni akọ̀wé yóò máa dárúkọ, ọmọ ọdún 4 á sì lóye rẹ̀.

Àpèjúwe yìí náà ló ń pinnu iye tí iṣẹ́ máa ná ni. Ohùn ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbà sílẹ̀, kí wọ́n tó ya àwòrán tẹ̀ lé e. Fíìmù ń lo àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń lo àwòrán kan lẹ́ẹ̀mejì, tó fi jẹ́ pé 12 ni wọ́n ń yà ní tòótọ́. Ká ní ọ̀rọ̀ apàlọ́ nínú Ìran 4 gba ìṣẹ́jú àáyá 4, àwòrán 48 nìyẹn. Àmọ́ a ti kọ ọ́ pé ojú Ìjàpá kò kúrò lára ìkòkò. Kò mira, kò sọ̀rọ̀, nítorí náà kò sí ètè láti yà. Oru nìkan ló ń lọ sókè, àwòrán 8 tí à ń yí po sì tó fún un. Gbolohùn kan ló gba ayàwòrán lọ́wọ́ yíya àwòrán 40. Ẹni tó bá wá kọ “ọjà kún fọ́fọ́, òjò ń rọ̀” kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mẹ́fà lásán ti gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ pín dáadáa, wọ́n á pa ohùn, wọ́n á wo àwòrán. Lẹ́yìn náà, wọ́n á di ojú, wọ́n á gbọ́ ohùn. Bí ohùn nìkan bá ti sọ gbogbo ìtàn tán, rédíò ni wọ́n ṣe, owó àwòrán ti ṣòfò. Ó yẹ kí nǹkan kan kù nínú méjèèjì.

Ìran ìdágbére ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ìkíni Yorùbá fúnra rẹ̀ ló ń ṣe aago níbẹ̀. Apàlọ́ ń fi ohùn pẹ̀lẹ́, bíi pé ọmọ kan ń tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ka ohun tí ìyá ìyàwó ń wí: “Bá mi kí Yánníbo o. Bá mi kí àwọn ọmọ. Bá mi kí ará ilé yín.” Àwòrán kò fi ẹnu ìyá hàn wá rárá, fìlà ló ń fi hàn. Nígbà ìkíni kìíní, oru fẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà kejì, òógùn. Nígbà kẹta, ẹsẹ̀ Ìjàpá ń jó fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé ló máa ń ti ẹ̀kọ́ ìtàn bọ ibí yìí, tí apàlọ́ á máa pariwo “ẹ̀yin ọmọ, ẹ má jalè” lórí orí tó ń jóná. Àlọ́ ní ẹ̀kọ́, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ó lè dúró di ìran tó kàn. Níhìn-ín, apàlọ́ ti dákẹ́:

“Ìran 9. Fìlà bọ́ sílẹ̀. Orí Ìjàpá ń dán. Kò sí ẹni tó mira, ìṣẹ́jú àáyá 3. Ìyá ìyàwó ṣì na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Abọ́ àsáró tó ti bù dè é, tó sì fi ewé bò, ló gbé dání.”