Ta Ni Ojú Tí A Pààrọ̀ Nínú Fọ́tò Ń Wò?

Lóde ìgbéyàwó, fótógíráfà kì í ya fọ́tò ẹbí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó máa ń yà á tẹ̀léra tẹ̀léra, torí ó mọ̀ pé ẹnìkan á ṣáà di ojú. Bó bá wá jẹ́ pé inú fọ́tò tó dára jù lọ ni ìyá ìyàwó ti di ojú, wọ́n á mú ojú rẹ̀ tó là láti inú fọ́tò mìíràn, wọ́n á sì gbé e síbi tó dì. Pípààrọ̀ ojú nìyẹn. Àwọ̀ ara lè bára mu, kí etí iṣẹ́ náà má sì hàn rárá, síbẹ̀ kí ẹni tó bá rí fọ́tò náà mọ̀ pé nǹkan kan kù. Gbogbo ẹbí ń wo kámẹ́rà, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé fóònù sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ fótógíráfà ni màmá ń wò. Bí a ṣe ń dá ojú bẹ́ẹ̀ padà síbi tó yẹ kó máa wò ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ohun méjì ló ń sọ fún wa ibi tí ènìyàn ń wò. Àkọ́kọ́ ni ibi tí dúdú ojú wà láàárín igun ojú méjèèjì, ìyẹn bí funfun ṣe pọ̀ tó lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Èkejì ni ibi tí ojú lápapọ̀ kọ sí, pàápàá imú. Èkejì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí. Lọ́dún 1824, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Hyde Wollaston, fi àwòrán hàn pé bí a bá fi ojú méjì kan náà sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn wọ́n, tí a wá yí imú àti ìyókù ojú padà, yóò dà bíi pé ibòmíràn ni ojú náà ń wò. Ìdí nìyẹn tí ojú tí a mú láti inú fọ́tò tí màmá ti yí orí fi máa ń ṣìnà tí a bá gbé e sórí fọ́tò tí orí rẹ̀ kọ sí kámẹ́rà gan-an. Lójú tèmi, fọ́tò tí orí ti dúró bákan náà ló yẹ ká kọ́kọ́ wá, kódà bí dúdú ojú bá ṣìnà díẹ̀ nínú rẹ̀. Dúdú ojú ṣeé sún. Orí tó yí kò ṣeé tún ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Báwo la ṣe máa mọ ìwọ̀n tí a ó sún un? Dúdú ojú àgbàlagbà fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 12. Bí ẹyinjú bá yí ní nǹkan bíi dígírì 6, dúdú ojú á kúrò ní àyè rẹ̀ ní mìlímítà 1. Ẹ jẹ́ ká fi èyí ṣírò fọ́tò màmá. Ká ní ó dúró sí mítà 3 sí kámẹ́rà, fóònù tó ń wò sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún fótógíráfà, ní ìdajì mítà sí lẹ́ńsì. Láti ibi tí màmá dúró, ìyàtọ̀ àárín fóònù àti lẹ́ńsì tó dígírì 9 àti ààbọ̀, ìyẹn mìlímítà 1.6 lójú rẹ̀. Bí dúdú ojú rẹ̀ bá fẹ̀ ní píksẹ́lì 24 nínú fọ́tò, píksẹ́lì 1 jẹ́ ìdajì mìlímítà. Nítorí náà, píksẹ́lì 3 péré, sí apá òsì fọ́tò, ló máa dá ojú màmá padà sí lẹ́ńsì. Ẹ kíyè sí bó ṣe kéré tó: àṣìṣe píksẹ́lì kan ṣoṣo ti gbé ojú rẹ̀ lọ sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 16 sí lẹ́ńsì, ìyẹn èjìká fótógíráfà.

Nínú Photoshop, a ó gbé ojú náà wá pẹ̀lú ìpéǹpéjú òkè àti ti ìsàlẹ̀, a ó to igun ojú mọ́ igun ojú, a ó sì fi `Layer Mask` rọ etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó yọ dúdú ojú sórí ìpele tirẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, a ó fi `Clone Stamp` kún ibi tí yóò ṣí sílẹ̀, láti ara funfun tó wà nítòsí. Ẹ má fi funfun gidi kún un, torí pé òjìji ìpéǹpéjú máa ń mú kí funfun ojú dúdú díẹ̀ lápá òkè àti ní igun. Lẹ́yìn èyí la ó mú `Move Tool`, ká sì tẹ bọ́tìnnì ọfà òsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ojú méjèèjì ni a ó sún, sí apá kan náà, ní ìwọ̀n kan náà.

Àmì iná kékeré tó ń tàn nínú dúdú ojú kò gbọ́dọ̀ bá a rìn tán. Orí gíláàsì iwájú ẹyinjú ni iná náà ti ń hàn, bí ẹyinjú bá sì yí, àmì náà máa ń rìn ní nǹkan bí ìdajì ibi tí dúdú ojú rìn dé. Tí dúdú ojú bá rin píksẹ́lì 3, kí àmì iná rin 1 tàbí 2. Ẹ wo àwọn tó dúró ti màmá: bó bá jẹ́ pé fúláàṣì orí kámẹ́rà ni wọ́n fi yà wọ́n, àmì iná á wà nítòsí àárín dúdú ojú gbogbo ẹni tó ń wo lẹ́ńsì. Tirẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Èyí wúlò púpọ̀ fún wa, torí pé dúdú ojú ọ̀pọ̀ wa pọ́n dúdú débi pé àárín rẹ̀ kì í hàn yàtọ̀.

Sísún yìí ní ààlà. Mo máa ń dúró ní mìlímítà 2. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, funfun tí a fọwọ́ ṣe á ti pọ̀ jù. Òkè àti ìsàlẹ̀ tún le ju ọ̀tún àti òsì lọ, torí pé ìpéǹpéjú òkè máa ń bá ẹyinjú sọ̀ kalẹ̀ tí ènìyàn bá wo ilẹ̀. Bí màmá bá ń wo fóònù tó wà nísàlẹ̀, kí a wá fọ́tò mìíràn ló dáa.

Bó bá jẹ́ pé ìyàwó ló ń wo ọkọ rẹ̀ nínú fọ́tò ti tẹ́lẹ̀, ìṣirò náà yí padà díẹ̀. Ẹni tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 60 sí wa máa ń mú kí ojú kọ̀ọ̀kan yí sí ìhà imú ní nǹkan bíi dígírì 3, ìyẹn ìdajì mìlímítà. Ojú tí a mú láti inú fọ́tò tó ti ń wo ibi jíjìn kò ní èyí. Bí a bá sún méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà, ìyàwó á máa wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn tí a bá ti sún wọn tán, a ó tún fi píksẹ́lì 1 sún ojú kọ̀ọ̀kan sí imú. Ká wá dín fọ́tò náà kù sí bí àwọn ènìyàn ṣe máa rí i lórí fóònù, ká fi han ẹni tí kò mọ̀ pé a tún un ṣe, ká sì bi í pé: “Ta ni ìyàwó ń wò?” Bó bá ronú kó tó dáhùn, kí a padà sídìí kọ̀ǹpútà.