Bí ẹ̀rín ìbẹ̀rẹ̀ ìwàásù ṣe ń ṣiṣẹ́: ọkùnrin tó jẹ ẹgbàárùn-ún tálẹ́ńtì

Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwàásù kì í pa ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lára, àfi tí kò bá bá ọ̀rọ̀ náà tan. Oníwàásù á sọ ìtàn ọ̀mùtí kan tó ṣìnà wọ ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ á rẹ́rìn-ín, á wá ní, "Ó dáa o, ẹ jẹ́ ká ṣí Bíbélì wa." Lójú ẹsẹ̀ ni ìjọ ti mọ̀ pé ohun tó dùn ti tán. Bí wọ́n bá délé, ọ̀mùtí yẹn ni wọ́n á ròyìn fún ẹni tí kò wá. Inú ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n fẹ́ wàásù lé lórí gan-an ló yẹ kí ẹ̀rín ti jáde, kí ohun tó pa ìjọ lẹ́rìn-ín tún padà wá bá wọn wí kí ìwàásù tó parí.

Ìwàásù lórí ìdáríjì, láti inú Mátíù orí 18, ẹsẹ 23 sí 35, fi èyí hàn dáadáa. Ìránṣẹ́ kan jẹ ọba ní ẹgbàárùn-ún tálẹ́ńtì. Òun náà ni ìránṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ ní ọgọ́rùn-ún dénárì. Dénárì kan ni owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe nígbà náà, bí Mátíù orí 20 ṣe fi hàn. Tálẹ́ńtì kan sì tó nǹkan bí 6,000 dénárì. Gbèsè àkọ́kọ́ wá jẹ́ owó iṣẹ́ ọjọ́ 60,000,000. Ìkejì jẹ́ owó iṣẹ́ 100 ọjọ́ péré. Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu Jésù kò ní ṣírò kankan ṣe kó tó mọ̀ pé gbèsè àkọ́kọ́ kọjá sísan. Àwa la kò mọ̀, torí pé tálẹ́ńtì kò sí nínú àpò wa. Iṣẹ́ tí oníwàásù ní láti ṣe ni kó gbé owó náà wá sí ibi tí etí ìjọ á ti gbọ́ ọ.

Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní Nàìjíríà láti ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ká ní ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 25 lóṣù, ìyẹn 300 ọjọ́ lọ́dún. Bí wọ́n bá fi èyí wọn gbèsè méjèèjì, àkọ́kọ́ á di bílíọ̀nù 168 náírà, èkejì á di 280,000. Oníwàásù lè wá bẹ̀rẹ̀ báyìí:

"Ọkùnrin kan ń gba 70,000 náírà lóṣù. Ó jẹ ọ̀gá rẹ̀ ní bílíọ̀nù 168. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, 'Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù fún mi, màá san gbogbo ẹ̀.' Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Bí kò bá jẹun, tí kò wọkọ̀, tí kò ra káàdì sórí fóònù, tí kò dá àjọ, tí kò sì ra aṣọ ẹbí ẹnikẹ́ni, ọdún 200,000 ló máa fi san án. Ó sì ní kí wọ́n ṣe sùúrù!"

Èyí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ nínú ìwàásù ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò sì yẹ kó jù bẹ́ẹ̀. Aṣọ ẹbí ni ẹ̀rín máa ń bú lé lórí, nítorí gbogbo ẹni tó jókòó ló mọ iye tó ti ná an lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí ìwàásù nílò ni "ẹ ṣe sùúrù fún mi." Òun ni kó fara balẹ̀ sọ, kó má sì yí i padà, nítorí yóò tún nílò rẹ̀.

Ẹsẹ 29 ni ìdí rẹ̀. Nígbà tí ẹni tó jẹ 280,000 bẹ ọkùnrin yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tí òun náà ti bẹ ọba ní ẹsẹ 26 ló fi bẹ̀ ẹ́. Bí oníwàásù bá sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn kan náà, ẹ̀rín á tún fẹ́ jáde lẹ́nu àwọn kan, torí pé etí wọn ti mọ̀ ọ́n. Kò ní jáde tán. Owó iṣẹ́ oṣù mẹ́rin nìyí, ó ṣeé san, ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kò purọ́. Ibẹ̀ ni kí oníwàásù ti dákẹ́ díẹ̀, kó wá ka bí ọkùnrin àkọ́kọ́ ṣe kọ̀, tó sì lọ jù ú sẹ́wọ̀n. Kò gbọdọ̀ nàka sí ìjọ pé "ẹ̀yin náà nìyẹn." Nátánì náà kò yára sọ fún Dáfídì pé "Ìwọ ni ọkùnrin náà" nínú 2 Sámúẹ́lì orí 12, ó jẹ́ kí ọba kọ́kọ́ bínú sí olówó tó gba àgùntàn tálákà. Ẹni tó ti fi ẹnìkan rẹ́rìn-ín tọkàntọkàn ti dá a lẹ́jọ́ tán, ó sì ṣòro fún un láti gba ẹjọ́ náà padà nígbà tó bá kan òun.

Bí gbèsè náà ṣe pọ̀ kọjá ààlà tún ń dáàbò bo àwọn tó jókòó. Ká ní oníwàásù fi 300,000 náírà ṣe gbèsè àkọ́kọ́, ó dájú pé ẹnì kan wà nínú ìjọ tó jẹ irú owó yẹn, tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń wá kiri. Ìjọ á máa fi ìtìjú ẹlòmíì ṣẹ̀rín, àwọn mìíràn á tiẹ̀ yíjú wo ẹni náà. Bí orí bá ti ń yí báyìí nígbà tí ẹ̀rín ń lọ, ẹ̀fẹ̀ ti di èébú, ẹni tí ó kàn kò sì ní gbọ́ nǹkan kan mọ́ títí wọ́n á fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Kò sẹ́ni tó jẹ bílíọ̀nù 168 lórí àga kẹrin.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ẹ̀fẹ̀ kejì. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ máa ń dùn mọ́ oníwàásù, á sì fẹ́ fi òmíràn lé e. Lẹ́yìn ìkejì, ìjọ á jókòó bí ẹni tó ń retí ìkẹta, wọn kò sì ní mọ ìgbà tí ẹsẹ 28 dé. Ohun tó tọ́ ni kó jẹ́ kí ẹ̀rín náà máa rọlẹ̀, kó má sì dúró de ìgbà tó bá pa rẹ́ pátápátá, kó rẹ ohùn sílẹ̀, kó ní, "Ọkùnrin yìí wà nínú Bíbélì." Bí wọ́n bá ti ka ẹ̀kọ́ náà ṣáájú ìwàásù, bí wọ́n ti ń ṣe ní Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì, ìjọ ti mọ ọkùnrin náà, kò sídìí láti fi í pamọ́. Kó kàn ní, "Ọkùnrin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà nípa rẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ ká wo gbèsè rẹ̀." Ẹ̀rín á ṣì wà nínú ìṣírò náà.

Níbi tí ògbufọ̀ bá wà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìjọ máa ń rẹ́rìn-ín: àwọn tó gbọ́ Yorùbá kọ́kọ́, lẹ́yìn náà àwọn tó ń dúró de Gẹ̀ẹ́sì. Oníwàásù tí kò bá dúró de ẹ̀rín kejì á fi gbólóhùn tó kàn sọ̀kò sínú ariwo. Ẹ̀fẹ̀ tó dá lórí ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í ré kọjá sí èdè mìíràn rárá, ṣùgbọ́n ìṣírò máa ń ré kọjá, bí ògbufọ̀ bá ti ní iye owó náà lórí ìwé kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá bá a lójijì, tó sọ bílíọ̀nù di mílíọ̀nù, ọdún 200,000 á di igba ọdún, ẹ̀rín náà kò sì ní tó nǹkan mọ́.